Táìmù tébù fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lójúmọmọ tó sì ń lọ kíláàsì lálẹ́: àwọn ìbéèrè tí ẹ máa ń bi wá lemọ́lemọ́

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún mi ní sílábọ́ọ̀sì, kí ni kí n kọ́kọ́ wá jáde nínú ẹ̀?

Nǹkan mẹ́rin péré. Déètì gbogbo ohun tí ẹ máa sọ́bímíìtì tàbí tí ẹ máa jókòó ṣe, iye máàkì tó wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ojú ìwé tí wọ́n ní kí ẹ kà lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àti ohun tí wọ́n máa ṣe fún ẹni tó bá pẹ́ kó tó sọ́bímíìtì. Èyí tó kẹ́yìn yẹn làwọn èèyàn máa ń fò, bẹ́ẹ̀ òun gan-an lẹ máa wá kiri ní aago 11 alẹ́ lọ́jọ́ tí ọ̀gá ọ́fíìsì bá dá yín dúró.

Ẹ kó gbogbo ẹ̀ sínú bébà kan ṣoṣo, kọ́ọ̀sì méjèèjì tàbí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Ẹ má ṣe ìwé tiẹ̀ lọ́tọ̀ lọ́tọ̀ o, torí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan ṣe sílábọ́ọ̀sì tiẹ̀ bíi pé òun nìkan ló ń kọ́ yín, kò sí ẹni tó wo ti ìkejì kó tó mú déètì. Ibi tí déètì méjì ti kọlu ara wọn, orí bébà yẹn nìkan lẹ ti lè rí i.

Ṣé kí n fa ìlà táìmù tébù lọ́jọ́ yẹn náà?

Rárá, ẹ ṣì dúró. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á kun àpótí aláwọ̀ oríṣiríṣi, Mọ́ńdè 7 sí 10 kíkà, Túsìdeè báyìí, ó rẹwà gan-an, àmọ́ wọn ò tíì ka wákàtí tí wọ́n ní, wọn ò sì mọ wákàtí tí iṣẹ́ náà máa jẹ. Tó bá máa fi di ọ̀sẹ̀ kẹta ó ti daṣẹ́ sílẹ̀. Iye méjì yẹn lẹ máa kọ́kọ́ wá, àpótí tó kù rọrùn.

Báwo ni mo ṣe máa mọ wákàtí tí mo ní lóòótọ́?

Ẹ wo ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ máa ń gùn lójú èèyàn, torí kò tíì sí ẹni tó pè yín, kò tíì sí ọmọ tó ṣàìsàn nínú ẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ méje sílẹ̀, ẹ kọ aago tí ẹ wọlé, aago tí ẹ jẹun tán, aago tí ẹ sùn, kí ẹ wá wo ibi tí àlàfo tó tó ìṣẹ́jú 45 ti wà. Èyí tí kò bá tó bẹ́ẹ̀ ẹ má kà á mọ́ wákàtí ìjókòó, ó níṣẹ́ tiẹ̀, a máa débẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, alẹ́ tí ẹ bá lọ kíláàsì, òdo ni kí ẹ kọ síbẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní bẹ́ẹ̀ kọ́, pé ẹ lè padà délé kí ẹ tún ka ojú ìwé mẹ́wàá. Ẹ lè ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ò lè ṣe é fún ọ̀sẹ̀ 14.

Wákàtí mélòó ni ojú ìwé kan máa gbà?

Kò sí ẹni tó lè sọ fún yín, ẹ̀yin lẹ máa wọ̀n ọ́n. Ẹ mú ìwé kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, ẹ ka ojú ìwé 10 bí ẹ ṣe máa kà á gan-an, kí bírò wà lọ́wọ́, kí ẹ sì máa kọ nóòtì, kí ẹ wo aago níbẹ̀rẹ̀ àti nígbẹ̀yìn. Alẹ́ ni kí ẹ ti ṣe é, lẹ́yìn iṣẹ́, torí alẹ́ lẹ máa máa kà á. Ẹni tó bá fi àárọ̀ Sátidé wọ̀n ọ́n máa rí iye tó dùn, àmọ́ irọ́ ni.

Ìwé tó kún fún ìṣirò àti ìwé tó kún fún ọ̀rọ̀ kì í yára kan náà, ẹ má fi ti ọ̀kan wọn èkejì. Tí ẹ bá sì rí iye yẹn, ẹ má gé e kù nítorí pé ẹ rò pé ẹ máa yára sí i tó bá yá. Ní 1979 ni Daniel Kahneman àti Amos Tversky, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ti kọ̀wé lórí bí èèyàn ṣe máa ń fojú kéré àkókò tí iṣẹ́ ara ẹ̀ máa gbà, kódà tó bá ti ṣe irú ẹ̀ rí tó sì mọ̀ pé ó pẹ́ nígbà yẹn. Torí náà, ohun tí aago sọ ni kí ẹ kọ sílẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe ọ̀kan lójú wa ká rí i.

Ó yá. Ká sọ pé ẹnìkan ń ṣiṣẹ́ láti aago 8 sí 5, ó ní kíláàsì Túsìdeè àti Tọ́sìdeè lálẹ́, sẹmẹ́sítà jẹ́ ọ̀sẹ̀ 14 kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀. Kọ́ọ̀sì méjì ló gbà. Èkíní ni sítátísíìkì: ojú ìwé 25 lọ́sẹ̀, asáínmẹ́ǹtì lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì méjì tí gbogbo ẹ̀ jẹ́ máàkì 30, tẹ́ẹ̀sì ní ọ̀sẹ̀ keje tó jẹ́ 25, ìdánwò 45. Èkejì ni òfin òwò: ojú ìwé 40 lọ́sẹ̀, àròkọ gígùn kan tó jẹ́ máàkì 40 tí wọ́n máa gbà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ 11, ìdánwò 60.

Ó wọ̀n ara ẹ̀, ó rí i pé òun ń ka ojú ìwé sítátísíìkì 10 ní wákàtí kan, ti òfin 16. Nítorí náà kíkà sítátísíìkì jẹ́ wákàtí 2 àbọ̀ lọ́sẹ̀, ti òfin náà 2 àbọ̀, asáínmẹ́ǹtì kan ń gba wákàtí 3, ìyẹn wákàtí kan àbọ̀ tí a bá pín in sí ọ̀sẹ̀ méjì. Wákàtí 6 àbọ̀ nìyẹn, lọ́nà ọ̀sẹ̀ 14 ó jẹ́ 91. Ẹ tún fi 20 kún un fún àròkọ, 6 fún tẹ́ẹ̀sì, 12 fún ìdánwò kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ẹ̀ wá di wákàtí 141.

Kí ló ní lọ́wọ́? Mọ́ńdè wákàtí kan àbọ̀, Wẹ́sìdeè kan àbọ̀, Sátidé àárọ̀ 3, Sọ́ńdè 2. Mẹ́jọ lọ́sẹ̀. Lọ́nà 14 ó jẹ́ 112. Wákàtí 29 ló dín, bẹ́ẹ̀ kò tíì sí àìsàn kankan, kò tíì sí òfò, iná ò tíì lọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí níbí ni pé tó bá wo ọ̀sẹ̀ kan péré, 6 àbọ̀ nínú 8, ó máa rò pé àyè gba òun. Àwọn iṣẹ́ ńlá tí kì í hàn lọ́sẹ̀ ló jẹ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Wákàtí ò tó, bíi ti ẹni yẹn. Ibo ni kí n gé?

Ẹ má gé oorun. Mi ò sọ ọ́ bíi dókítà o, ìṣirò ni mo fi ń sọ ọ́: ẹni tó bá fi wákàtí kan lé alẹ́ rẹ̀ tó wá ń ka ojú ìwé kan lẹ́ẹ̀mẹta kò fi nǹkan kan kún un.

Ẹ kọ́kọ́ padà sí sílábọ́ọ̀sì, kí ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé kíkà kọ̀ọ̀kan. Èyí tó jẹ́ dandan wà, èyí tó jẹ́ àfikún fún ẹni tó bá fẹ́ wà. Nínú ojú ìwé 40 ti òfin yẹn, 12 jẹ́ àfikún. Ẹni àpẹẹrẹ wa yọ ọ́, ó ku 28, kíkà òfin bọ́ sí wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 45. Tí sílábọ́ọ̀sì yín ò bá sọ, ẹ bi olùkọ́ ní kíláàsì àkọ́kọ́: èwo nínú ìwé yìí ló máa jáde nínú ìdánwò, èwo lẹ kàn fẹ́ ká mọ̀? Ìbéèrè yìí kì í bí wọn nínú bí ẹ ṣe rò.

Lẹ́yìn ìyẹn ló wá wo àkókò oúnjẹ ọ̀sán. Ìṣẹ́jú 30, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, ó jẹ́ wákàtí kan àbọ̀, kò tó ìjókòó ìṣẹ́jú 45 lóòótọ́, àmọ́ ó gba kíkà díẹ̀díẹ̀. Ó kó kíkà òfin sí ibẹ̀, torí ó ṣeé gé sí wẹ́wẹ́, ẹjọ́ kan lónìí, ẹjọ́ kan lọ́la. Kò kó sítátísíìkì síbẹ̀ o, ẹni tó bá dúró láàárín ìṣirò máa padà bẹ̀rẹ̀ láti òkè ni. Nígbẹ̀yìn ó gba ìsinmi ọjọ́ méjì lẹ́nu iṣẹ́ sí ọ̀sẹ̀ ìdánwò, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan fún un ní wákàtí 5.

Ẹ wá kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ohun tó nílò wálẹ̀ sí 130 àbọ̀, ohun tó ní gòkè sí 143. Ó ku wákàtí 12 àbọ̀ tí yóò fi gba òjò.

Wákàtí 12 tó ṣẹ́kù yẹn, ibo ló wà gan-an?

Ìbéèrè tó yẹ kí gbogbo èèyàn bi nìyí, ẹni díẹ̀ ló ń bi í. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé e. Nígbà tí kíkà òfin ti bọ́ sí ọ̀sán, wákàtí 8 ìjókòó yẹn, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ ń jẹ nǹkan bíi 4 àti ìṣẹ́jú 15 nínú ẹ̀, ó ku 3 àti ìṣẹ́jú 45 lọ́sẹ̀. Àròkọ máa kó ti ọ̀sẹ̀ 4, 5, 6, 8, 9 àti 10. Tẹ́ẹ̀sì kó ti ọ̀sẹ̀ 7. Ìmúrasílẹ̀ ìdánwò kó ti 11 sí 14, pẹ̀lú ọjọ́ ìsinmi méjèèjì.

Èwo ló wá kù? Ọ̀sẹ̀ kìíní, ìkejì, ìkẹta. Níbẹ̀ ni gbogbo àyè tó kù fẹ́rẹ̀ẹ́ wà tán, nǹkan bíi wákàtí 11 nínú gbogbo sẹmẹ́sítà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn gan-an làwọn èèyàn fi ń sọ pé kíláàsì ò tíì gbóná, ká ṣì fara balẹ̀. Tó bá di ọ̀sẹ̀ 8 tí wọ́n wá ń wá àyè, kò sí mọ́, wọ́n ti ná an, wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé àwọn ná an.

Kí ni kí n wá ṣe ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn nígbà tí asáínmẹ́ǹtì ò tíì pọ̀?

Ẹ ka ohun tó wà níwájú, àmọ́ kì í ṣe èyíkéyìí. Ẹ wo ọ̀sẹ̀ tó wúwo jù lórí bébà yín, kí ẹ ka ìwé ọ̀sẹ̀ yẹn sílẹ̀. Ẹni àpẹẹrẹ wa ka orí ìwé sítátísíìkì ti ọ̀sẹ̀ keje ní ọ̀sẹ̀ kẹta, wákàtí 2 àbọ̀. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ tẹ́ẹ̀sì dé, wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 45 tó ní fún un di 6 àti ìṣẹ́jú 15, wákàtí 6 tẹ́ẹ̀sì sì wọlé síbẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ó tún máa gba ìṣẹ́jú 15 láti fi wo ohun tó kà nígbà náà padà, torí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ti kọjá. Ẹ má bínú, òdodo ni mo sọ, kíkà sílẹ̀ ò fẹ́ ká gbàgbé pé èèyàn ń gbàgbé.

Àròkọ tó jẹ́ máàkì 40 yẹn, báwo ni mo ṣe máa tú u sínú táìmù tébù?

Láti ẹ̀yìn wá sí iwájú. Déètì tó wà nínú sílábọ́ọ̀sì, ẹ yọ ọjọ́ mẹ́ta kúrò lára ẹ̀, ìyẹn ni déètì tiyín. Ẹ wá pín in sí ohun tó ṣeé rí lọ́wọ́, kì í ṣe "ṣiṣẹ́ lórí àròkọ", torí ọ̀rọ̀ yẹn ò ní òpin, èèyàn lè jókòó tì í fún wákàtí méjì kó má mọ̀ bóyá òun ti ṣe é tán.

Ti ẹni wa rí báyìí: ọ̀sẹ̀ 4, yan àkòrí kó o sì kọ gbólóhùn kan tó sọ ohun tí o fẹ́ jà fún. Ọ̀sẹ̀ 5 àti 6, ka ẹjọ́ àti ìwé, kọ nóòtì pẹ̀lú nọ́ńbà ojú ìwé lára wọn (ẹni tí kò bá kọ nọ́ńbà máa wá a kiri lọ́jọ́ ìkẹyìn, mo ti ṣe é rí, omijé ló kù). Ọ̀sẹ̀ 7 ó gbé e tì nítorí tẹ́ẹ̀sì. Ọ̀sẹ̀ 8, àwọn orí kéékèèké àti ìlà díẹ̀ sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀sẹ̀ 9, kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin bó ṣe wù kó burú. Ọ̀sẹ̀ 10, tún un ṣe, to àwọn ìwé tí o lò, fi ránṣẹ́ ní Fúráídè.

Ẹ wo bí kò ṣe sí ọ̀sẹ̀ kankan tó ju wákàtí 4 lọ níbẹ̀. Wákàtí 20 kan náà tí ẹlòmíì máa kó sí ìparí ọ̀sẹ̀ kan ni, ìyàtọ̀ ẹ̀ ni pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ò ní ìparí ọ̀sẹ̀ tó gba wákàtí 20.

Ṣé alẹ́ kíláàsì wá jẹ́ òdo pátápátá?

Ìṣẹ́jú 15 péré. Nínú bọ́ọ̀sì, tàbí kí ẹ tó kúrò lórí àga kíláàsì pàápàá, ẹ pa ìwé dé kí ẹ kọ ohun mẹ́ta tí wọ́n kọ́ yín lálẹ́ yẹn láìwo nóòtì, àti ohun kan tí kò yé yín. Ohun tí kò yé yín yẹn lẹ máa fi bẹ̀rẹ̀ ìjókòó tó tẹ̀ lé e, kò ní sí pé ẹ ń fi ìṣẹ́jú 20 wá ibi tí ẹ dé.

Àtúnyẹ̀wò ńkọ́, ìgbà wo ni kí n fi í sí?

Kì í ṣe ìparí nìkan. Hermann Ebbinghaus, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Jámánì, tẹ ìwé jáde ní 1885 lórí bí òun ṣe há ọ̀rọ̀ tí kò ní ìtumọ̀ sórí tó sì ń wọn bí wọ́n ṣe ń fò lọ, ó rí i pé ibi tó pọ̀ jù ń lọ láàárín wákàtí àti ọjọ́ àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ló wá ń rọra lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé ìgbà àkọ́kọ́ kò gbọ́dọ̀ pẹ́. Kíláàsì Túsìdeè, ẹ bi ara yín léèrè ẹ̀ ní Wẹ́sìdeè fún ìṣẹ́jú 10, ní Sọ́ńdè lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan sí i.

Mo ní ẹ bi ara yín, mi ò ní ẹ tún un kà. Títún un kà ń jẹ́ kó dà bíi pé ẹ mọ̀ ọ́n torí ojú yín ti mọ bébà yẹn. Àwọn àlàfo tí kò tó ìṣẹ́jú 45 tí mo ní ẹ má kà mọ́ wákàtí ìjókòó, ibí niṣẹ́ wọn wà.

Iṣẹ́ ṣíìfù ni mo ń ṣe, ọjọ́ mi kì í dúró sójú kan. Ṣé èyí lè ṣiṣẹ́ fún mi?

Ó lè ṣiṣẹ́, àmọ́ ẹ má fi orúkọ ọjọ́ pè é. Ẹ fún ìjókòó ní nọ́ńbà, ìjókòó 1 sí 5 lọ́sẹ̀, kí ẹ kọ iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa ṣe. Tí wọ́n bá ti lẹ ṣíìfù mọ́ ògiri, ẹ wá fi ìjókòó kọ̀ọ̀kan sí ọjọ́ tó bá ṣí sílẹ̀. Èyí tó le jù kí ó tẹ̀ lé ọjọ́ tí ẹ sùn dáadáa, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ṣíìfù alẹ́.

Mo ti já sẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ṣé kí n ka gbogbo ẹ̀ padà kí n tó tẹ̀ síwájú?

Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń lé ọ̀sẹ̀ 6 nígbà tí kíláàsì wà ní ọ̀sẹ̀ 8 kò ní bá a, torí kíláàsì ò dúró dè é, lẹ́kíṣọ̀ tó ń lọ lọ́wọ́ náà ò ní yé e, gbèsè náà á wá di mẹ́ta. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tí kíláàsì wà lónìí. Èyí tí ẹ pàdánù, ẹ pín in sí méjì: èyí tí ohun tó ń bọ̀ dúró lé lórí, àti èyí tó dá dúró. Nínú sítátísíìkì, ẹni tí kò mọ bí a ṣe ń wọn bí nọ́ńbà ṣe tàn kálẹ̀ kò lè ṣe ohun tó tẹ̀ lé e rárá, ó gbọ́dọ̀ padà. Nínú òfin òwò, orí kan lè dá dúró tán, ẹ gbé e sí ìmúrasílẹ̀ ìdánwò kí ẹ máa lọ.

Ẹ sì wo máàkì. Asáínmẹ́ǹtì kan nínú àwọn tó jẹ́ 30 lápapọ̀, tí wọ́n bá jẹ́ méje, máàkì 4 àti díẹ̀ ni. Tí ẹ bá máa fi wákàtí 3 ti àròkọ san án, àròkọ tí máàkì 40 wà lórí wákàtí 20 ẹ̀, ìyẹn 2 fún wákàtí kan, asáínmẹ́ǹtì náà sì jẹ́ bíi 1 àti díẹ̀ fún wákàtí kan, ẹ ti rí èyí tó wọ́n. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra o, asáínmẹ́ǹtì ló ń kọ́ yín fún tẹ́ẹ̀sì, máàkì tó wà lára ẹ̀ nìkan kọ́ lèrè ẹ̀. Mo lè fo ọ̀kan, mi ò ní fo méjì.

Olùkọ́ wa yí déètì padà láàárín sẹmẹ́sítà, gbogbo ẹ̀ dàrú. Kí ni mo fẹ́ ṣe?

Ẹ má tún gbogbo táìmù tébù ṣe. Ẹ gbé déètì tuntun sórí bébà àkọ́kọ́ yẹn, kí ẹ wo ọ̀sẹ̀ tó bọ́ sí nìkan: ṣé iṣẹ́ rẹ̀ ti ju wákàtí yín lọ? Tí kò bá ju bẹ́ẹ̀, kò sí wàhálà. Tó bá jù, ẹ fa èyí tó wúwo jù níbẹ̀ padà sẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kì í ṣe síwájú.

Tí wọ́n bá sún déètì síwájú fún yín, ẹ má fi kún ìsinmi lọ́wọ́ kan. Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó wà níbi tó bọ́ sí. Wọ́n bá wa sún àròkọ kan síwájú ọ̀sẹ̀ méjì nígbà kan, gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́, ó lọ bọ́ sí ọ̀sẹ̀ kan náà pẹ̀lú tẹ́ẹ̀sì kọ́ọ̀sì kejì. Èmi náà pàtẹ́wọ́.

Ìgbà wo ló yẹ kí n bẹ olùkọ́ fún àfikún ọjọ́?

Nígbà tí ẹ bá ti rí i lórí bébà, kì í ṣe nígbà tó bá dé. Tí ẹ bá mọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì pé ọ́fíìsì yín máa ń ka ọjà, tí gbogbo yín ń dúró pẹ́, ní ọ̀sẹ̀ 10, ọ̀sẹ̀ kejì yẹn náà ni kí ẹ kọ lẹ́tà. Ẹ sọ déètì tí ẹ fẹ́, ẹ sọ ibi tí ẹ máa ti bá iṣẹ́ náà dé ní ọ̀sẹ̀ 9, kí ẹ sì fi hàn pé ẹ ti ka òfin wọn lórí ẹni tó bá pẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, iṣẹ́ pọ̀" ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbà á, gbogbo èèyàn ló ń kọ ìyẹn.